Eré Ọ̀fẹ́ Tó Jẹ Ìwé Bàbá

Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń jẹun ní apá ìparí àwọn ọdún náíńtíìsì, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan ní Súrùlérè. Àǹtí kan ló ni ibẹ̀, obìnrin tó ti ṣe akọ̀wé-atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà kan, ìyẹn fótókọ́pì, tó máa ń há pépà. Èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú àwọn oníbàárà wa, bàbá kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀yìngbò, níbi tí wọ́n ti lè máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti inú yàrá wọn. Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, wọn ò lè kọ̀wé mọ́. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á máa sọ ìtàn ayé wọn, èmi á sì máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan la ti tẹ̀ sórí pépà. Gbogbo ìyókù wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì, pátákó pẹlẹbẹ tí a ń tọ́jú fáìlì sí, nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ló máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Pápá Àjàó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ tán tí Àǹtí ò sí nítòsí, èmi pẹ̀lú wọn á jọ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Ohun kan ló ń dùn mí: bí mo bá mú Nàìjíríà, orúkọ tó wà lẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀, àwọ̀ ewé ẹ̀wù wọn pàápàá kò jọ tiwa. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé àwọn ènìyàn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe àfikún sí irú eré bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ń pè é ní mọ́ọ̀dù, pé ó lè tún orúkọ àti ẹ̀wù ṣe.

Wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n má gbé nǹkankan wọ inú ẹ̀rọ yìí kí n tó rí i o. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ẹ̀rọ tí eré ọ̀fẹ́ bà jẹ́ ṣe."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí káfè kan ní Yábàá. Mo rí sáìtì àwọn tó ṣe mọ́ọ̀dù náà lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tó mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án. Ọkàn mi bàjẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù ni gbogbo wa jọ ń lò níbẹ̀, wákàtí tí mo sanwó fún á tán kó tó dé ìdajì, dísíkẹ́ẹ̀tì kan ò sì gbà ju mẹ́gábáìtì kan àti díẹ̀ lọ. Mo tún wá a kiri, mo wá bá sáìtì mìíràn. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ mu, àmọ́ wọ́n fi ìlà kékeré kan sí i láàárín, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀fẹ́ mọ́ ọn. Bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ láti gbé fáìlì pọ̀ lójú ìwé náà bí èso orí igi. Kìlóbáìtì ọgọ́sàn-án péré ni fáìlì tiwọn, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mẹ́gábáìtì kan. Inú mi dùn. Mo rò pé àwọn wọ̀nyí ti fún un pọ̀ dáadáa. Mo gbé e sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mi kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé.

Ìkìlọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, torí pé ó lè ṣèèṣì pe mọ́ọ̀dù náà ní ọ̀tá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí Àǹtí tó dé, mo pa á. Mo ṣí fáìlì náà. Àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó ní nǹkan kan sọnù, kò lè ṣiṣẹ́. Kò tún sí nǹkan mìíràn. Mo nu fáìlì náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, mo yọ dísíkẹ́ẹ̀tì mi, mo tan áńtífáírọ́ọ̀sì padà, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò ronú kàn án mọ́.

Nígbà tí Bàbá dé ní Túsìdeè, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Níbo la bá a dé, ọmọ mi?"

Mo ṣí ìwé wọn. Òfìfo ló wà níbẹ̀. Mo lọ wo àkójọ fáìlì. Orúkọ gbogbo ìwé tí mo ti tẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tó yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà, òdo ni mo rí. Òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀. Mo rántí ẹ̀dà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, mo yára fa dísíkẹ́ẹ̀tì náà yọ, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Iná kékeré ibẹ̀ tàn, ó ń kùn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan. Nígbà tí mo wò ó, òun náà ti di òdo.

Bàbá ń wo ojú mi. Mo ní, "Bàbá, NEPA ló ṣe é. Iná tí wọ́n mú lọ lánàá ló ba ìwé yín jẹ́."

Wọ́n wá fọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn kan èjìká mi, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó dùn mí jù, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ní ọjọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Wọ́n mi orí. "NEPA kọ́ nìyí. Fáírọ́ọ̀sì ni." Àǹtí bi wá pé ta ló ń gbé dísíkẹ́ẹ̀tì ìta wọlé. Kí n tó lanu, wọ́n ti dáhùn fúnra wọn: Bàbá ni, torí pé ọmọ Bàbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí dísíkẹ́ẹ̀tì, àwa la sì máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò tíì lè sọ ibi tó ti wá, àwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Pápá Àjàó láti yẹ inú rẹ̀ wò. Mo dúró ti ògiri.

Ní Fúráìdeè, Àǹtí sọ fún Bàbá pé dísíkẹ́ẹ̀tì wọn ló kó fáírọ́ọ̀sì wá. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n yọ dísíkẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn kúrò nínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lé orí tábìlì.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi jó o níná. Mi ò mọ̀ pé mò ń kó àrùn wá bá yín." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, máa forí jì mí. Gbogbo wàhálà tí o ṣe lórí ìwé yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́."

Àgbàlagbà tó ju bàbá tó bí mi lọ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kò burú, Bàbá." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, mo wọ ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn, mo tilẹ̀kùn, mo sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí ní Sátidé. Mo bá wọn lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù wọn, láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ wa sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Àbúrò, nǹkan tó ṣe iṣẹ́ yìí wọlé ní Mọ́ńdè, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín àwọn ohun tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ máa ń ṣe bí a bá tàn án. Bàbá kì í wá ní Mọ́ńdè."

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n mú dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi gbé e wọlé wá, mo yọ ọ́ nínú àpò mi. Wọ́n sún ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ihò rẹ̀ fi là, kí ẹ̀rọ má lè kọ nǹkankan sí i, wọ́n sì fi í sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí kò ní iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú.

Wọ́n ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo kà á. Zip ló parí rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ń fi ìparí orúkọ pamọ́ fún ẹ ni." Wọ́n lọ sínú ètò rẹ̀, wọ́n yí nǹkan kan padà. Orúkọ náà gùn sí i lójú mi. Lẹ́yìn zip, exe ló wà níbẹ̀. "Kì í ṣe àpò tí wọ́n di ẹrù sí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, ó kàn wọ aṣọ àpò. Mélòó ni àwọn tó ṣe é ní ó wọ̀n?"

"Mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án."

"Èyí wá jẹ́ ọgọ́sàn-án kìlóbáìtì. Ẹ̀wù àti orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù, níbo ni wọ́n kó wọn sí?"

Ohun tó yẹ kó lé mi sá gan-an ló dùn mọ́ mi. Wọ́n tún bi mí nípa àdírẹ́sì sáìtì, mo sọ ti ìlà kékeré àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹni tó ní ojúlówó kì í yá orúkọ ẹlòmíràn lò. Ti áńtífáírọ́ọ̀sì ló mú wọn mí kanlẹ̀. "Bí àlejò bá ní kí o kọ́kọ́ so ajá rẹ mọ́lẹ̀ kó tó wọlé lóru, ṣé wàá ṣílẹ̀kùn?" Wọ́n fi kún un pé áńtífáírọ́ọ̀sì tiwa náà ti gbó, a ò fi ìmọ̀ tuntun kún un láti bí oṣù mélòó kan, kò dájú pé ì bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá mú dísíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀dà ìwé Bàbá wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n gbé pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n fọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Ká ní mo ti sún un kí n tó fi í sínú ẹ̀rọ ni, ìwé náà ì bá ṣì wà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Ọ̀yìngbò. Mo kúnlẹ̀ ní iwájú Bàbá, mo sọ ohun tí mo ṣe, àti irọ́ NEPA, àti bí mo ṣe dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bọ́ fìlà. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé eré yẹn dùn tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò ní kí n dìde. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lẹ́yìn ilé, ó kọjá tán, kí wọ́n tó ní kí n lọ sọ fún Àǹtí, kí n máa bọ̀ ní Túsìdeè.

Àǹtí gba ìdí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà fún oṣù mẹ́rin. Àwọn fúnra wọn ló lọ bẹ Bàbá. Túsìdeè àti Fúráìdeè nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí n tẹ̀wé. Nígbà tí wọ́n dá mi padà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú eré ọ̀fẹ́ wá pé kí n bá òun gbé e wọlé, mo máa ń wo orúkọ rẹ̀ dé ìparí, mo máa ń bi í níbi tó ti rí i àti bó ṣe yẹ kó wọ̀n tó. Méjì nínú wọn bínú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kẹta padà wá sọ fún mi pé ó ti ba ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́.

Bàbá tún ìtàn wọn sọ láti orí kẹrin. Ó gbà wá ní bí ọdún kan. Àwọn ibì kan dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí tí wọ́n ti sọ bí ìyàwó wọn ṣe kú, èyí tí mo ti tẹ̀ rí tí mo sì ń nu omijé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n dákẹ́.

Mo ní, "Bàbá, mo ń gbọ́."

Wọ́n ní, "Fo ìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo fò ó. Bí ìwé náà ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn lónìí nìyẹn, ìyá àgbà wọn wà láàyè ní orí kẹjọ, ní orí kẹsàn-án kò sí níbẹ̀ mọ́.