Eré Ìgè Lóru

Láyé ìjọba òyìnbó, Ìgè awakọ̀ fi lọ́rì rẹ̀ gbé Láídé ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí láti Mọrógbó lọ sí ọsibítù Àgbádárìgì lóru.

“Ìgè, sáré!” ni ìyá Láídé, tó bá wọn lọ, ń ké.

Ṣùgbọ́n iná lọ́rì náà kò tàn jìnnà, Ìgè kò sì jẹ́ sáré ju èyí tí yóò fi lè dúró kó tó kọjá ibi tí iná mọ. Iná ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ tàn sí i lójú. Ó dẹ eré, ó tẹjú mọ́ etí títì lápá òsì, apá tí ọkọ̀ ń gbà nígbà náà. Bí iyẹn ti kọjá, ọkọ̀ gẹdú tó bàjẹ́ ló wà níwájú láìtaná. Ìgè ráyè dúró, ó yà á.

Kí wọ́n tó dé ọsibítù, Láídé ti kú.

“Ká ní o sáré ni!” ni ìyá rẹ̀ ń wí.

Ìgè gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún.