Ààwẹ̀ Ọmọ́ṣadé àti Nǹkan Oṣù Tí Kò Wá

Ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kan Ọmọ́ṣadé láti ìgbà tó ti dé Sharjah, síbẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ di àwátì. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Ó ra ohun àyẹ̀wò oyún ní ilé oògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn ní àdúgbò Al Nahda, kò sí oyún. Ó tún ra òmíràn. Àfi bíi pé oyún lè gba ojú fèrèsé wọlé!

Iṣẹ́ sikiọ́ríti lóru ló ń ṣe ní Dubai tó wà nítòsí. Nígbà tí ọ̀gá wọn sọ pé àwọn kan kò ní í rí kọ́ńtíráàtì tuntun gbà, àyà rẹ̀ já, ló bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kò ní í fẹnu kan nǹkan kan títí ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ náà ló sì ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tíì àti bisikíìtì ló ń fi ṣínu. Nígbà tí nǹkan oṣù kò wá, ó fi kún ààwẹ̀ náà. Bólúwají, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń dúró dè é nílé lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n sì máa ń sọ ṣáá lórí fóònù. Ó dá Ọmọ́ṣadé lójú pé ọ̀tá kan ti ti ilé ọmọ òun pa, ó sì ń gbàdúrà kí ọ̀tá náà kú. Bó ṣe ń gbààwẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń kọjá lásán.

Sìlífátù tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló kọ́kọ́ bínú.

"Ṣadé, wo uniform ẹ, ó ti ń bọ́ sílẹ̀ lára ẹ. Khalas, ó tó gẹ́ẹ́! Clinic là ń lọ báyìí, yalla, dìde!"

Ní clinic, dókítà obìnrin kan tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó wọn ìwúwo rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀. Ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá ó ń lo oògùn, bóyá ó ń sùn dáadáa. Kò béèrè nípa ọ̀tá kankan. Ìyẹn tún da Ọmọ́ṣadé lọ́kàn rú.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi àìsàn kankan hàn.

"O ti rù jù. Ara tí kò rí oúnjẹ tó lè dá nǹkan oṣù dúró. Àníyàn náà lè fà á, iṣẹ́ òru lè dá kún un. Jẹun, sinmi. Ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó padà. Tí kò bá padà, wá rí mi."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ilé ọmọ mi ò tì?"

"Kò tì. Ebi ló ń pa ẹ́."

Ọ̀sán gangan ni Sìlífátù gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú rẹ̀ ní yàrá. Ọmọ́ṣadé di ṣíbí mú, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ẹ̀rù ń bà á láti ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti má jẹun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Sìlífá, ṣé èmi wá ni ọ̀tá tí mo ń gbàdúrà kó kú?"

Sìlífátù ti àwo náà sún mọ́ ọn.

"Ọlọ́run ò tíì gba àdúrà náà. Jẹun."