Ìyá Tún-un-kà àti Ibùdó Tí Kò Sí

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ibùdó ìlera, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ àbísọ pe Ìyá Tún-un-kà. Obìnrin náà a máa ka àtẹ̀gùn bó bá ń gùn ún, a máa ka aṣọ tó sá sórí okùn, a sì ka àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ a bi í pé ṣé ó ti ka òun náà. Ìyá a ní òun ti kà á, àmọ́ kò tíì pé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí oṣù bá parí, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà a kọ àpapọ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń pín abẹ́rẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Ibùdó tí kò bá ní àpapọ̀, ọwọ́ òfo ni tirẹ̀.

Ọdún tí ètò yìí dé, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni wọ́n ṣí ibùdó kan sórí òkè. Òun ni ìkẹrìnlá, òun ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àkójọ orúkọ inú kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣí i tán, òmíràn kò dé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ̀wé pé àwọn ìyá ń pọnmọ gun òkè wá, wọ́n ń pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Tún-un-kà wọ eegun. Ó wo kọ̀ǹpútà: iye àwọn ọmọ wà níbẹ̀, àpapọ̀ ni kò sí. Ó gbé ibùdó òkè sókè, ó fi ibùdó ọjà sísàlẹ̀. Àpapọ̀ ti òkè jáde, ti ọjà pòórá. Ó wá yé e pé ẹ̀rọ kò bá òkè ṣọ̀tá, ẹni tó bá ti kẹ́yìn ni kì í rí.

Ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó kọ ètò náà. Ọkùnrin ọ̀hún kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, Ìyá. Ẹ tún un kà.”

Òun ni wọ́n ń sọ fún pé kó tún nǹkan kà! Ìyá kò bá a jà. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó dá ibùdó kẹẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé, ó sì kọ òdo sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ fo Ẹ̀yìnkùlé, òkè rí tirẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ fún ọdún mọ́kànlá.

Láàárín ìgbà yẹn, ọkùnrin ètò di ọ̀gá àgbà. Wọ́n gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ kọ̀ǹpútà, onítọ̀hún sì ka ètò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òdo ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, nítorí náà, mẹ́rìnlá ni nọ́ńbà ibùdó kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó kọ ọ́ ní kó dúró bó bá ti kan nọ́ńbà tó kẹ́yìn, láì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún un ṣe, kò sì pariwo. Nígbà tí oṣù parí, Ẹ̀yìnkùlé jáde gbangba: òdo.

Ọ̀gá àgbà pe ìpàdé. Ó ní ìtìjú ńlá ni kí ibùdó kan wà tí ọmọ kankan kò ti gba abẹ́rẹ́ rí. Ó ní àìsí fìríìjì ló fà á, ó sì buwọ́ lu ọ̀kan fún Ẹ̀yìnkùlé kí ọ̀sán tó pọ́n. Lẹ́tà méje ni nọ́ọ̀sì orí òkè ti kọ nítorí fìríìjì. Inú kúlà oníyìnyín ló ṣì ń kó abẹ́rẹ́ sí, lẹ́yìn alùpùpù.

Ẹ̀rù ba Ìyá. Oṣù kan ló kù kó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lè ní ó parọ́ sínú ìwé ìjọba. Àmọ́ bó bá dákẹ́, fìríìjì yóò lọ sí ibi tí kò sí. Ó dìde.

“Ọ̀gá, kò síbùdó tó ń jẹ́ Ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kí ẹ̀rọ lè rí ẹni fò.”

Ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà ṣàlàyé ibi tí ìkà ti ń dúró. Ọ̀gá bi í léèrè ta ni aláìmọ̀kan tó kọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo orúkọ tó wà lókè ètò, ó ní òun kò rí i kà dáadáa, sà. Ọ̀gá yára ní òun ti buwọ́ lùwé, fìríìjì kò ṣe é dá padà, ibùdó wo ló sún mọ́ Ẹ̀yìnkùlé jù?

Ìyá ní, “Òkè ni, sà.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù, ó ń sunkún ayọ̀. Ó ní fìríìjì dé, àmọ́ orúkọ Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ sí i lára, òun sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ó bi Ìyá pé lẹ́tà mélòó ni àwọn yẹn kọ kí wọ́n tó dá wọn lóhùn.

Ìyá ń kọ èsì ìwé ìbáwí tí ọ̀gá fún un lórí Ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́. Ó gbé kálàmù sílẹ̀.

“Wọn ò kọ ọ̀kankan, ọmọ mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.”