Ìwé Owó Orí Màmá Oníbúrẹ́dì

Yàrá kan náà ni èmi àti Ọmọ Oníbúrẹ́dì jọ ń gbé nígbà tí a ń kàwé lókè òkun. Búrẹ́dì ni màmá rẹ̀ ń ṣe tà nílé, ìdí tí gbogbo wa fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ nípa omi mímu ló ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò kí ó tó dénú páìpù. Ó ku ọdún kan péré kó parí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dì mú, bíi kí èèyàn fẹ́ gba egungun lẹ́nu ajá ni.

Lọ́dọọdún ni àwa àjèjì máa ń tún ìwé ìgbélùú wa ṣe. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbélùú kí ọjọ́ tó wà lára ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ó kà á tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún un kà.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi í.

"Wọ́n ní owó tó wà nínú àkáǹtì mi tó, àmọ́ àwọn ò mọ ibi tó ti wá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó kàwé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó oúnjẹ àti owó ilé ọdún kan gbáko. Màmá rẹ̀ ti fi owó náà ránṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wọlé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kọ̀wé. Ọ́fíìsì wá ń béèrè ìwé àkáǹtì màmá fún oṣù mẹ́fà, lẹ́tà tí màmá fọwọ́ sí pé àwọn ni onígbọ̀wọ́, àti ẹ̀rí owó orí tí màmá san fún ọdún mẹ́ta. Nítorí pé ọmọ náà ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n tún fẹ́ rí ìwé owó oṣù tirẹ̀ àti ìwé owó orí tirẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fún un.

Mi ò ní purọ́, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn burúkú. Mo ní, "Ṣebí bọ̀dá kan wà tó máa ń bá èèyàn tẹ ìwé owó orí? Ọjọ́ kan ló máa fi ṣe é. Ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni màmá mi ti ń san owó orí. Kí ni mo fẹ́ fi ayédèrú ṣe?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ bá Ẹ̀gbọ́n Fáìlì. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni wọ́n, èdè wa ni wọ́n sì ń sọ. Fáìlì ló kún ọ́fíìsì wọn títí dé ojú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, kó má fẹ̀yìn tì í o. Ó ti bì mí ṣubú rí."

Wọ́n ka lẹ́tà náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ò lé ẹ, àbúrò. Ìbéèrè ni wọ́n bi ẹ́. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè, ìdáhùn ló ń wá, kì í ṣe ẹkún."

Wọ́n wá là á yé wa. Owó nìkan kọ́ ni ọ́fíìsì ń wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yá owó sínú àkáǹtì kí ó lè hàn, tí wọ́n á sì dá a padà kíákíá, ìdí nìyẹn tí owó òjijì fi máa ń kọ wọ́n lóminú. Ìwé owó orí ló ń jẹ́rìí pé onígbọ̀wọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́, pé ohun tó ń wọlé fún un ká ohun tó ṣèlérí.

"Ìwé báńkì àti ìwé owó orí gbọ́dọ̀ bára mu," Ẹ̀gbọ́n Fáìlì ní. "Owó ńlá yìí, níbo ni màmá ti rí i?"

"Wọ́n ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì."

"Ìwé tí wọ́n fi tà á dà?"

"Ó wà nílé."

"Ó parí. Fi í kún un."

Mo bá dá sí i, mo dárúkọ bọ̀dá onítẹ̀wé. Ojú Ẹ̀gbọ́n Fáìlì le. "Ọ́fíìsì ìgbélùú lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó orí láti wádìí. Tí wọ́n bá rí irọ́, wọn ò ní gba ìwé rẹ̀, irọ́ yẹn á sì máa tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ kiri." Mo tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Wọ́n pe màmá lórí fóònù. Ìṣòro méjì yọjú. Orúkọ ilé búrẹ́dì ló wà lórí ìwé owó orí, orúkọ màmá fúnra wọn ló sì wà ní báńkì. Ẹ̀gbọ́n Fáìlì ní kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé búrẹ́dì kún un, kó lè hàn pé àwọn ló ni ín. Ìkejì ló le: màmá sanwó ọdún kejì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ wọn ò padà lọ gba ìwé ẹ̀rí.

Màmá fúnra wọn ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n lọ gbà á ní ọ́fíìsì owó orí. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Màmá ní, "Ọmọ mi, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun wà nílé, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ìwé ni mo bá wá, ìwé ni n óò bá lọ."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ìgbà tí akọ̀wé bá gbójú sókè, màmá á kí i pé ó kú iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ara akọ̀wé ò gbà á mọ́. Ó gba rìsíìtì, ó fi nọ́ńbà orí rẹ̀ wá inú kọ̀ǹpútà, ó rí owó náà níbi tó wà. Ó tẹ ìwé ẹ̀rí jáde, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbàà!

Ọmọ Oníbúrẹ́dì náà gba ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ akáúńtáǹtì hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n Fáìlì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ ò kọjá èyí tí òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè. Wọ́n tún rí i pé owó orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù rẹ̀ ti pọ̀ jù, torí owó tó ń gbà kéré. "Kọ̀wé béèrè rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni."

Ó to ìwé gbogbo ní ẹsẹẹsẹ, ó fi nọ́ńbà sí wọn lórí, ó kọ lẹ́tà olójú ìwé kan tó ṣàlàyé bí owó ṣe rìn láti ọwọ́ ẹni tó ra ọkọ̀ dé inú àkáǹtì òun. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí gbèdéke pé nígbà tó kó o lọ. Mo bá a lọ. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà. Ó dé ìwé tó gbẹ̀yìn, ó mi orí.

"Ó pé," ó ní. "Ká ní gbogbo yín ń ṣe báyìí ni, ǹ bá ti máa tètè délé."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, káàdì ìgbélùú tuntun dé, tó máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa parí. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, igbe tó ké, àwọn ará yàrá kejì sáré wá wò ó bóyá iná ló ń jó wa! Ó pe màmá. A gbọ́ tí màmá pariwo sí àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Ẹ gbé páànù yẹn kalẹ̀! Ẹ wá bá mi dúpẹ́!" Àtẹ́wọ́ ta, orin sọ, ẹnì kan ń lu páànù.

Màmá gba fóònù padà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ mi, ṣé o rí onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa tó máa ń pè mí ní òmùgọ̀ tó ń sanwó orí? Ó wà níbí báyìí. Ọmọ tirẹ̀ náà fẹ́ rìnrìn-àjò. Ó ní kí n wá mú òun dé ọ́fíìsì yẹn."

"Ẹ wá ní kí ni, màmá?"

"Mo ní kó gbé bẹ́ǹṣì tirẹ̀ dání."