Lẹ́tà H Tó Wà Lórí Èsì Ẹ̀jẹ̀ Màmá

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ó máa ń sọ ọ́ lójú mi pé ọwọ́ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣeré kò yẹ kó máa se oúnjẹ ìyá òun. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan ní Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aláìsàn là ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ilare. Àǹtí, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń gbé ní ilé ẹbí wọn ní Òkèrèwè, níbi tó ti ń fi yàrá háyà fún àwọn ọmọ yunifásítì.

Lọ́dún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Màmá. Kó tó rìn láti yàrá rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, á ti jókòó sinmi. Mo ní ká lọ rí dókítà, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tó yá, Àǹtí wá mú un lọ sí Òkèrèwè nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Kò gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa fún àyẹ̀wò. Ibòmíràn ló gbé e lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwòrán èsì náà wọlé sórí WhatsApp ẹbí. Àǹtí fi ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e: “Ẹ̀yin ẹbí, ẹ wò ó fúnra yín. H ni wọ́n kọ síbẹ̀. Hepatitis nìyẹn, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn. Ta ló gbé e wọlé bí kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ káàkiri? Màmá ò padà sí ilé yẹn mọ́.”

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ fèsì. Ó ní kí wọ́n ya abọ́ Màmá sọ́tọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ti jẹun ní ilé wa sì lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ mo wà lórí ibẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Mo ṣí àwòrán náà. Ó wọ́, òjìji ìka ẹni tó yà á sì bo etí ìwé níbi tí wọ́n máa ń kọ iye tó yẹ sí. Síbẹ̀ mo rí iye Màmá fúnra rẹ̀ kà. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ìbínú mi ń rọlẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń gba ipò rẹ̀. Mo pe ọkọ mi.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sí Òkèrèwè. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìjà.”

Àǹtí dúró sí ẹnu ọ̀nà bí a ṣe dé. Mo kúnlẹ̀ kí i. “Kí ìwọ dúró síta,” ló sọ fún mi. Màmá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo bẹ Àǹtí pé kó jẹ́ kí n rí ìwé gan-an.

“Kí o lè fà á ya, àbí?”

Mo fi sílẹ̀. Mo gba fóònù ọkọ mi, mo fẹ àwòrán náà lójú, mo sì nà án síwájú rẹ̀.

“Àǹtí, H yìí kì í ṣe orúkọ àrùn. ‘High’ ni, ó túmọ̀ sí pé iye náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. L sì ni ‘low’, ó kéré. Platelet ni H wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ó kàn lé díẹ̀ ni. Wọn ò tilẹ̀ yẹ hepatitis wò nínú ìwé yìí. Ká ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, wọ́n á sì kọ ‘negative’ tàbí ‘positive’ sí iwájú rẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ àwáwí,” Àǹtí wí.

Ọkọ mi ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Ibi tí L wà ló yẹ ká bẹ̀rù. PCV Màmá jẹ́ mẹ́tàlélógún. Tí a bá pín ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ dá sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́rìndínlógójì sókè nínú rẹ̀ ló máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Mẹ́tàlélógún péré ni ti Màmá. Pupa yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara, ìdí nìyẹn tó fi ń mí hẹlẹ. MCV tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Tirẹ̀ kéré, bí ẹ̀wà tí kò rí òjò. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn tí iron, èròjà tí ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, bá tán lára. Bóyá kò sí nínú oúnjẹ, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ níbì kan nínú. Ìwé yìí ò lè sọ èwo ni. Dókítà ló máa wá a.”

“Ebi lo fi ń pa á,” Àǹtí wí.

Mo kọjú sí Màmá. “Màmá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe ń rí?”

Ó wo ilẹ̀. “Ó dúdú bí ọ̀dà. Ó ti ṣe díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni.”

“Ṣé ẹ ń lo òògùn kankan tí mi ò mọ̀?”

Ó wo Àǹtí kó tó tú etí ìró rẹ̀. Òògùn ara ríro ló kó síbẹ̀, oríṣi méjì tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. “Èyí tí Àǹtí yín máa ń bá mi rà ní kẹ́míìsì nítorí orúnkún mi ni. Ó ní kí n má fi hàn ọ́.”

Mo mọ òògùn méjèèjì. Mo sọ fún wọn pé tí àgbàlagbà bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn rẹ̀, kí ọgbẹ́ náà sì máa ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìgbẹ́ dúdú lè jẹ́ àmì rẹ̀.

Àǹtí gbá fóònù náà dànù lọ́wọ́ mi. “O ní èmi ni mo fẹ́ pa ìyá mi?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Ohun tí o sọ nìyẹn.”

Ọkọ mi gbé Màmá dìde. Àǹtí lọ dúró síwájú mọ́tò wa, ó ní a ò ní gbé ìyá òun lọ síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ fún un, ohùn rẹ̀ ò sì ga: “Kúrò lọ́nà. Ó rẹ̀ mí.” Ó kúrò.

Ní ilé ìwòsàn wa, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Màmá lára. Wọ́n fi rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí wo ikùn rẹ̀, wọ́n sì rí egbò níbẹ̀. Wọ́n dá òògùn orúnkún yẹn dúró, wọ́n fún un ní èyí tó ń wo egbò ikùn àti ti iron. Àǹtí taku pé kí wọ́n yẹ hepatitis wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní in. Ó ní àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló bò mí láṣìírí. Lórí WhatsApp ẹbí, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Àbúrò ọkọ mi fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́, àwọn yòókù sì ń ṣe àmín sí i.

Òkèrèwè ni Àǹtí gbé Màmá lọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ Àǹtí nítorí àgbà ni. Mo ní mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn dá ìjà tiwa sílẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Màmá ni mo padà lọ wò, kì í ṣe pé mo lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Àǹtí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì. Mo kí i, ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ, kò sì ká ẹsẹ̀ kò kí n lè kọjá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé.

Màmá ń kan bọ́tìnnì mọ́ bùbá kan. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Ó ti ń pọ́n díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń padà sára rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní rárá, ó sì ní kí n lọ bu ẹ̀wà nínú ìkòkò.