Ẹ̀rín Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ìyá bàbá mi ti kú kí wọ́n tó bí mi. Àpótí tí fọ́tò wọn wà nínú rẹ̀ bá omi lọ lọ́dún tí odò Ọ̀ṣun kún wọ agboolé wa. Nígbà tí dókítà wá sọ fún bàbá àgbà pé ojú wọn kan ti lọ, pé èkejì náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ rí ojú ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ wọn.

Iṣẹ́ káàdì àti pátákó ìpolówó ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí géètì Pólì. Mo sì ní AI tó máa ń ya àwòrán: o kọ ohun tí o fẹ́ fún un, ó yà á fún ọ. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi yá jù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá jókòó tì mí, wọ́n ń ṣàpèjúwe ìyá wọn: obìnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó kọ pélé, tó wọ ìró àti bùbá aláró, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo kọ gbogbo rẹ̀ lédè Òyìnbó, èyí tí ẹ̀rọ náà gbọ́ jù. Ọmọge kan ló yọ sí wa, ẹfun lójú, ẹfun níwájú orí, gèlè gàgàrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ta nìyí. Inú bí mi, mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́, mo kọ òmíràn. Èyí tó tún yọ burú lọ́nà tirẹ̀, n kò sì mọ èyí tó bà á jẹ́ nínú gbogbo ohun tí mo yí padà.

Mo wá rántí bí wọ́n ṣe ń tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń kọ́kọ́ pààrọ̀, wọ́n á fà á wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ṣì tọ́jú rẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí èèyàn bá lo nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, àwòrán kan náà ló máa padà wá. Mo di nọ́ńbà yẹn mú ṣinṣin, kí n lè mọ̀ pé ohun tó bá yàtọ̀, ọwọ́ mi ló ti wá.

Mo wá jókòó ti àṣìṣe náà, mo ń wò ó. Ẹfun yẹn, ibo ló ti wá? Mo ti pe pélé ní àmì ìran, ó sì jọ pé àwòrán ọdún ìbílẹ̀ ló mọ̀ mọ́ orúkọ yẹn. Mo yọ orúkọ náà nìkan, mo kọ pé ilà tínrín, òòró, lẹ́rẹ̀kẹ́, tó ti jinná láti kékeré. Ẹfun lọ. Ó ku gèlè. Mo ti kọ ọ́ pé kó má fi gèlè ńlá sí i. Ẹ̀rọ náà rí “gèlè”, kò rí “má”. Mo kọ aṣọ kékeré tí wọ́n so mọ́ ìpàkọ́ dípò rẹ̀, gèlè sì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ọjọ́ orí; mo kọ ọ́ pé kó dàgbà ju ọmọge lọ. Iye ilà nìkan ni kò mọ̀ ọ́n kà; mo fi ọwọ́ ara mi tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú sẹ́kún, wọ́n ní ìyá àwọn rèé.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, mo gbé e lọ bá bàbá àgbà lójúde. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú tó kù.

“Ó jọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Èyí ń rẹ́rìn-ín sí mi.”

Inú tún bí mi díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé bí àwọn bá ti ọjà Sekona dé, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ìyàwó àwọn máa ń dúró sí, á pa ẹnu dé, ọwọ́ àwọn ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú. Iyọ̀ tó bá ní kí àwọn rà, àwọn kì í rántí.

Mo padà lọ ka ohun tí mo kọ. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ yìí, ibi tí o bá ti dákẹ́, òun ló ń fi tirẹ̀ kún un níbẹ̀. Gbogbo àwòrán yẹn ló rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò kà á sí àṣìṣe torí pé ó wuyì. N kò kọ ọ́ pé kó má rẹ́rìn-ín, mo ti gbọ́n. Mo kàn fi gbólóhùn kan kún un: obìnrin tó pa ẹnu dé, tó ń wo èèyàn bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó sì ń dúró de èsì.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, wọ́n tún gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí àwòrán náà, kì í ṣe sí èmi.

“Mo ti rà á. Iyọ̀ yẹn, mo ti rà á.”