Ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ní Kí N Ṣí Nípò

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. A máa ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì máa ń bá àwọn ilé-ìwé to táìmùtébù. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹnìkejì mi dé lẹ́yìn mi, ọmọkùnrin tó ti parí pólì, tí ẹnu rẹ̀ dùn. Kí n má parọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá yẹn ńkọ́?" Èmi náà kúkú jókòó síbẹ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Mọ́mì, ti gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn l'Ọ́yọ̀ọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ó ní ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni yóò lọ máa bójú tó o. Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò fi tọrọ rẹ̀. Ohun tó ń ta mí lára ni ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì máa ń sọ nípa ọmọ yẹn: "Ó lójú. Ó máa ń rí nǹkan kó tó di wàhálà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé kan n'Ìrẹsà fi táìmùtébù rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó fẹ́ ò pọ̀: kí gbogbo rẹ̀ wọ ojú ìwé kan, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Mọ́mì gbé e fún mi. Mo kó o sínú AI, ẹ̀rọ tó máa ń dáhùn ohun téèyàn bá tẹ̀ sí i, mo sì sọ ohun tí bàbá náà wí fún un.

Ó ṣe é, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Àmọ́ ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun rí nǹkan méjì tí òun ò fọwọ́ kàn, torí wọn ò ní kí òun tún un ṣe. Tíṣà ìṣirò kan náà wà ní kíláàsì méjì ní àkókò kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí sì bọ́ sí àkókò kan náà fún kíláàsì kan lọ́jọ́bọ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí n bi ẹni tó ni ín.

Èmi tí mo ti gbé àga kúrò ní kíláàsì lọ bá ààfáà lábẹ́ igi nígbà tí mo wà nílé-ìwé, nígbà tí àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ń ka Bíbélì nínú ilé, mi ò rántí pé bí wọ́n ṣe ń pín wa nìyẹn. Ìlara ti bò mí lójú. Mo ń rò ó pé bí mo bá bèèrè, ìbéèrè lásán ni bàbá yẹn máa rí. Bí mo bá tún un ṣe, á sọ fún Mọ́mì pé èmi náà lójú.

Mo ní kí ẹ̀rọ náà tún méjèèjì ṣe. Ó ṣe é sínú ẹ̀dà mìíràn, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó kọ ohun tó ṣí nípò. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí tíṣà kọ̀ọ̀kan ń wá, kí n fi han ẹni tó ni ín kí wọ́n tó lò ó. Mo pa gbogbo àlàyé yẹn rẹ́. Ẹ̀dà tuntun nìkan ni mo fi ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá náà gun ọ̀kadà wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ṣe táìmùtébù mi?"

Mọ́mì rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Ó wo ẹnìkejì mi, ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ mi rèé, sà."

"Ààfáà wa, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń wá. Ẹ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ́jọ́ Ajé. Ó dé lọ́jọ́bọ̀, gbogbo ọmọ ti wà nídìí Bíbélì. Àwọn òbí ń pè mí pé mo fẹ́ sọ ọmọ wọn di onígbàgbọ́. Èmi tí ìyá mi lọ Mẹ́kà."

"Èmi ni mo ṣe é, sà," ni mo wí.

Ẹnìkejì mi fún bàbá náà lága. Ó bi í bóyá nǹkan mìíràn tún wà tí a ṣí. Bàbá ní tíṣà ìṣirò, ṣùgbọ́n ìyẹn tọ̀nà, òun gan-an ò rí i tẹ́lẹ̀. "Bí ẹ bá bi mí ni, ǹ bá ti dúpẹ́." Ọmọ náà dá ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ padà, ó fi ti ìṣirò sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fún un.

Nígbà tí bàbá lọ tán, Mọ́mì bi mí pé, "Ẹ̀rọ yẹn ò kìlọ̀ fún ẹ?"

"Ó kìlọ̀, mà. Mo pa á rẹ́ ni."

Kò bú mi. Ó ní kí n lọ jẹun.

Ẹnìkejì mi ló lọ sí Ọ̀yọ́. Èmi ni mo bá a gbé tábìlì sínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi." Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó wọ inú ọkọ̀. Títí di òní, bí Mọ́mì bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń rẹ́rìn-ín, mo ṣì máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró, kí n lè gbọ́ bóyá wọ́n á mẹ́nu kàn mí.